Ohun tí Bàbá Ọdúntán Kò Béèrè

Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn Barnabas Ọdúntán ní Dàda Estate, Òṣogbo, lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, ẹ kò ní í kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá náà á ti yọjú pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, á ní kí ẹ wọlé, á ní kí ẹ jókòó, kò sì ní í fẹ́ kí ẹ tètè dìde. Ọkùnrin tó ń pín ìwé owó iná kiri àdúgbò ti jẹ ẹ̀pà níbẹ̀ rí, ó ti mu tíì, ó sì ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà tó tún fi máa padà wá, abẹ́ ilẹ̀kùn ló ti ìwé náà sí, ó sì yáa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ má bá a wí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò lè máa gbọ́ ìtàn iṣẹ́ ìjọba láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Ọmọ Iléṣà ni Bàbá Ọdúntán, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti ilé, ṣùgbọ́n Òṣogbo ló ti lo ayé rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣe ìṣirò owó títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Ìsinmi náà kọ́kọ́ dùn, nítorí Susannah ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé, obìnrin tó máa ń bá ìkòkò ọbẹ̀ jà, tó sì tún máa ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Susannah kú, ilé náà dákẹ́. Ìléríolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ó sì máa ń pe bàbá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Láti ìgbà tí ìpè yẹn bá ti parí títí di ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, bàbá yìí lè má la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi tó bá fẹ́ ra nǹkan. Ó ti wá di ẹni tó ń ra iyọ̀ lójoojúmọ́.

Mikail, tó jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀ nígbà kan, ló mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wá. Alhaja Kifayat Sànúsí, ọmọ Òṣogbo tó ń ṣe búrẹ́dì ní Iléṣà, ń wá ẹni tó mọ ìwé owó. Iṣẹ́ obìnrin náà ti gbòòrò kọjá ohun tí èèyàn lè máa fi orí lásán ṣírò. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Iléṣà, ó ní ní Ìbòkun, ó ní ní Òṣogbo, àwọn tó ń gba owó orí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i. Ó fẹ́ àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti là, tí kò sì ní í sá lọ sí Èkó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ tí Bàbá Ọdúntán lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀rọ̀ kò gùn rárá. Alhaja bi í ní ìbéèrè díẹ̀, ó dáhùn, obìnrin náà sì ní òun á kọ̀wé sí i. Ó yẹ kó máa lọ ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, wọ́n ń kó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná jáde, Silas tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ sì bu ọ̀kan sí méjì, ó na ìdajì sí i. Bàbá jókòó sórí àpótí láti jẹ ẹ́. Nọ́síràtù tó ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà wá bi í bí ènìyàn ṣe lè mọ ayédèrú ìsanwó orí fóònù, ó ṣàlàyé fún un. Àwọn méjì tó ń po ìyẹ̀fun ń jiyàn nípa bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí Bàbá dá ẹjọ́ náà. Ó dá a. Ẹni tó dá lẹ́bi ju ìyẹ̀fun lù ú, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ni Silas wò ó tìyanu-tìyanu, ó fi ohùn Ìjẹ̀ṣà bi í léèrè bóyá kò tí ì fẹ́ lọ ulé. Ó pẹ́ tí Bàbá ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ilé ní ulé sí òun létí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti gba ṣéńjì lọ́wọ́ onítáksí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yàrá òfìfo.

Lẹ́tà Alhaja dé lórí ímeèlì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí olùṣírò owó, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ní ọ́fíìsì Iléṣà. Owó oṣù jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà. Kò sí owó ọkọ̀, kò sí ilé. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó buwọ́ lù ú, kó sì dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá Ọdúntán ti mú bírò. Ṣé ẹ rí i, ká ní Alhaja kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó máa wá gbálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni, Ìléríolúwa sì pè. Bàbá ka lẹ́tà náà fún un.

“Dádì, ẹ má tí ì buwọ́ lù ú o,” ni ọmọ náà ké. “Èló ni owó ọkọ̀ láti Òṣogbo sí Iléṣà báyìí?”

Bàbá sọ fún un. Àlọ àti àbọ̀, lójoojúmọ́, ó ń lọ sí nǹkan bí ìdajì owó oṣù náà.

“Ẹ wò ó! Ẹ máa wá ṣiṣẹ́ fún onítáksí ni? Dádì, èló lẹ fẹ́? Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ fún mi, ká kọ ọ́ sínú ìwé. Kì í ṣe ìjà. Wọ́n kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin náà ẹ kọ̀wé padà. Wọn ò ní í torí ìyẹn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹ bá ti kọ ọ́ dáadáa.”

Bàbá ní òun kò fẹ́ kí obìnrin náà rò pé olójúkòkòrò ni òun. Ọmọ náà ní kó kọ́kọ́ dúpẹ́, kó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wù ú láti ṣe iṣẹ́ náà. Kó wá sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n yí padà, kó má ju ẹyọ kan sí méjì lọ, kó sọ iye rẹ̀ gan-an, kó sì sọ ìdí tó fi tọ́, ìdí tó kan iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Kó fún wọn ní ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà ṣe é, kí wọ́n lè mú èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kó má halẹ̀, kó má purọ́ pé ibòmíràn ń pe òun. “Ẹ má sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bí kò bá ṣeé ṣe, kò burú. Mo mọ̀ yín.”

Ọmọ náà mọ̀ ọ́n lóòótọ́, nítorí ó ti kọ ọ́. Ó ní láti pa á rẹ́.

Ìwé tí Bàbá fi ránṣẹ́ dára. Ẹni tó ti kọ̀wé sí kọmíṣọ́nnà rí ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja fún ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà wu òun. Ó sọ ohun tí òun máa ṣe, pé òun á ya ìwé ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òun á sì tún ọ̀rọ̀ owó orí àti ti ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ṣe. Ó ní ojú ọ̀nà láti Òṣogbo jìn, owó ọkọ̀ sì pọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí Alhaja sọ owó oṣù di ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti ọgbọ̀n, tàbí kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta kún un fún ọkọ̀. Ó ní inú òun á dùn láti jókòó sọ ọ́ lójú ara wọn, bí wọ́n bá sì ti fẹnu kò, kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tuntun tí òun máa buwọ́ lù.

Ohun gbogbo ló wà níbẹ̀, àfi ìdí tí ọkùnrin náà ṣe fẹ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó máa kọ ìyẹn sí ènìyàn tí kò mọ̀ rí? Àgbà ọkùnrin Iléṣà, ọmọ Ọbókun, tó tún jẹ́ ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba rí, ó máa wá kọ ọ́ sínú ímeèlì pé àárò èèyàn ń sọ òun? Ọ̀nà ló dárúkọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò ní ìtìjú nínú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Alhaja kò fi dáhùn. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, Bàbá Ọdúntán jìyà. Ó ń yẹ fóònù wò lórí ìjókòó, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní balùwẹ̀. Ó ti dá a lójú pé òun ti fi ọwọ́ ara òun ba nǹkan jẹ́. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì, tí ẹlòmíràn jókòó sórí àpótí náà, tí Nọ́síràtù ń bi onítọ̀hún ní ìbéèrè. Ó jowú ẹni tí kò sí.

Lẹ́tà kejì wá dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: lẹ́tà náà dùn ún gbọ́ létí. Alhaja dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá pé ó sọ̀rọ̀ ní tààrà, ó ní irú ẹni tí òun ń wá gan-an nìyẹn. Ó ní apá òun kò ká igba àti ọgbọ̀n lọ́dún yìí, nítorí owó ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n òun á san igba gédégédé. Ní ti ọ̀nà, ó ní òun rò ó títí, ojú sì ti òun pé òun fẹ́ kí àgbàlagbà bí Bàbá òun máa wọ táksí lójoojúmọ́. Nítorí náà, kí Bàbá jókòó sílé rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì wá sí Òṣogbo láràárọ̀ á máa já ìwé sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, á sì máa gbà á padà. Ìparí oṣù nìkan ni kó máa wá sí Iléṣà. “Ẹ má ṣe wàhálà mọ́, Bàbá,” ni obìnrin náà fi parí rẹ̀. “Iṣẹ́ ni a fẹ́, a ò fẹ́ pa yín.”

Owó lé, wàhálà dín kù. Lọ́jọ́ Àìkú, Ìléríolúwa pariwo lórí fóònù. “Dádì! Ẹ ti jẹ gbogbo ẹ̀! Àwọn èèyàn níbí ń bá ọ̀gá wọn jà kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ nílé!”

“Mo dúpẹ́,” ni Bàbá wí.

Nígbà tí ìpè náà parí, ó lọ jókòó sórí ibùsùn. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni obìnrin náà hù sí i, ìwà ọmọlúàbí náà ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ewú orí rẹ̀ débi pé wọn kò fẹ́ rí i. Ó tún wá mọ̀ pé òun fúnra òun ló jẹ̀bi: ọ̀nà lòun sọ pé ó jìn, wọ́n sì ti mú ọ̀nà kúrò.

Ọjọ́ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Báwo ni èèyàn ṣe máa sọ pé òun kò fẹ́ oore? Bó bá kọ̀, Alhaja lè rò pé ẹni tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn ni. Bó bá gbà, owó á máa wọlé, ìwé á máa wọlé, ènìyàn kankan kò ní í wọlé. Ó gbìyànjú láti tún fi ìdí mìíràn bò ó. Ó kọ ọ́ pé ojú lèèyàn fi ń rí iye àpò ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀, kì í ṣe orí ìwé. Òótọ́ ni. Ó kọ ọ́ pé owó tí wọ́n pa lójúmọ́ yẹ kí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Òótọ́ náà ni. Ó kà á lákàtúnkà, ó rí i pé bí Alhaja bá tún jẹ́ onínúure, ó lè ní kí Nọ́síràtù máa fi fídíò ìyẹ̀fun ránṣẹ́. Ni Bàbá bá fi àwọn ìdí náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó sì wá kọ èyí sí ìsàlẹ̀ wọn:

“Alhaja, mo dúpẹ́ púpọ̀ fún àfikún owó náà, ó tẹ́ mi lọ́rùn, n kò béèrè owó kankan mọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kí n jókòó sílé. Ó yẹ kí n ti sọ èyí fún yín látìbẹ̀rẹ̀, ìtìjú ni kò jẹ́. Ìyàwó mi ti kú, ọmọ mi wà lókè òkun, ilé mi dákẹ́ jù. Nítorí kí n lè máa rí ènìyàn ni mo ṣe fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì wá sí Òṣogbo láràárọ̀, ṣebí òfìfo ló ń padà. Kí ó máa gbé mi lọ. Tó bá tún ń gbé ti ìrọ̀lẹ́ wá, kí ó máa gbé mi bọ̀. Kò ní í ná yín ní kọ́bọ̀.”

Ó fi ránṣẹ́, ó sì pa fóònù náà, nítorí kò lè fojú kàn án.

Alhaja kò kọ̀wé. Ọjọ́ kejì, bí Bàbá ṣe tan fóònù náà báyìí, ìpè rẹ̀ wọlé.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà. Mo ti ka ìwé yín. Bàbá mi náà ń gbé nínú ilé kan lápá Òkè-Fíà ní Òṣogbo, òun nìkan. Mo máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn.” Ó yára yí ọ̀rọ̀ padà. “Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn dáa gan-an, Bàbá. Mi ò ronú kàn án. Àmọ́ nígbà tí mo ti rò pé ẹ ò ní í máa wá, mo ti ya yàrá tó yẹ kí ẹ máa lò sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ta ọjà wa kiri, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Mo ti ṣèlérí fún wọn, mi ò lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Ká ní ẹ ti sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀, Alhaja.”

“Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì. Ẹ máa wà lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ méjì tó kù, ẹ ṣe é nílé. Bó bá di oṣù mẹ́fà, ká tún un wò. Owó yẹn ò dín. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ kọ oṣù mẹ́fà yẹn náà sí i.”

Alhaja rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà! Mo máa kọ ọ́, sà.”

Lẹ́tà kẹta dé ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá sì kà á dé àmì ìdánudúró tó kẹ́yìn kó tó buwọ́ lù ú. Ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe márùn-ún, kò sì tan ara rẹ̀ pé márùn-ún ni. Ọjọ́ méjì tó sọnù, ìtìjú ló jẹ wọ́n. Síbẹ̀ ó rántí láti lọ aṣọ tó máa wọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ìléríolúwa fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bàbá ní kó dúró, òun á fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Ó fẹ́ fi lẹ́tà kẹta ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìka àgbàlagbà lórí fóònù kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró, gbogbo ohun tí òun àti Alhaja kọ síra wọn ló bá a lọ. Ó ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń kà á, tó ń fẹnu pe ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀: igba, ọkọ̀ búrẹ́dì, oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

“Ìléríolúwa?”

“Dádì.” Ohùn ọmọ náà ti yí padà. “Ẹ sọ fún alábúrẹ́dì pé ilé dákẹ́ jù fún yín.”

“Mo sọ ọ́.”

“Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Èmi ń pè yín ní gbogbo ọ̀sẹ̀, Dádì. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún mi?”

Bàbá Ọdúntán wo yàrá náà. Kò bínú, kò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ń bínú. Ó wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀, kò rí, ó sì sọ èyí tó rí.

“Èló ni mo fẹ́ lo bi mí, ọmọ mi. O ò bi mí pé kí ni mo fẹ́.”

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní Manchester lọ́hùn-ún. Bàbá gbé fóònù mọ́ etí, kò sọ pé kó dákẹ́, àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.